Lẹ́tà míkísà: bí a ṣe yọ èébú kúrò tí ẹjọ́ sì kù síbẹ̀

Aago 11:52 alẹ́ ni fóònù mi ké. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Wọn ò kí mi, wọn ò bèèrè àwọn ọmọ. Wọ́n ní, "Mo ti fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ọ. Bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, kí n jù ú sí àwọn olè yẹn kí n tó sùn."

Èmi ni akọ̀wé nínú ilé wa. Ọ́fíìsì kan ní Alágbàká ni mo ti ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá, iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi débi pé bí mo bá rí lẹ́tà, mo ti máa ń mọ ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti gbá tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiwọn ń ṣe búrẹ́dì lójú ọ̀nà Ìjọ̀ka, níbí ní Àkúrẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ímeèlì náà. Yorùbá ni mo tú u sí níbí, torí Yorùbá ni wọ́n fi bínú kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, wọ́n san ₦1,850,000 fún ilé ìtajà kan ní Èkó, fún míkísà tó lè po àbọ̀ àpò fúláwà, ìyẹn kílò 25, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àdéhùn ni pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, ọjà á ti dé Àkúrẹ́. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ló dé, lẹ́yìn ọjọ́ 35. Nígbà tí oníṣẹ́ iná wá so ó lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ nu àwo irin kékeré tó wà lára mọ́tò, ó kà á, ó sì dìde. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà lára àwo náà ni 380V, fésì mẹ́ta. Iná tó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, fésì kan ni, 220V, ohun tí wọ́n sì kọ sórí risíìtì nìyẹn.

Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 18, ẹ̀gbọ́n mi pe nọ́ńbà ilé ìtajà náà nígbà 14. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e. Nígbà kẹta, ìyẹn ọjọ́ 18, ọmọkùnrin kan ló dáhùn, ó ní, "Màmá, ẹ lọ ra mọ́tò míì. Mọ́tò pọ̀ lọ́jà." Ó sì pa fóònù. Gbólóhùn yẹn ló bí lẹ́tà alẹ́ ọjọ́ náà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ rèé:

"Àkòrí: Ẹ̀YIN OLÈ ÈKÓ!!!

Sí ọ̀gá ibẹ̀, bí ẹ bá ní ọ̀gá rárá,

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi o. Ẹ gba owó obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ẹ wá fi irin pàǹtí ránṣẹ́ sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti mọ̀ pé ẹ máa lù mí ní jìbìtì. Ẹ kì í gbé fóònù rárá. Èmi tí mo lè bí gbogbo yín lọ́mọ, ọmọ kékeré kan ń sọ ìsọkúsọ sí mi. Ẹ̀rọ tí ẹ gbé wá, 340V, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ti jẹ́ kí n pàdánù mílíọ̀nù. Ẹ rántí o, ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Màá kó ọlọ́pàá wá. Màá pariwo yín lórí rédíò. Owó yìí ò ní ṣe yín lóore láé."

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ fún ojú ewé kan àti àbọ̀.

Mi ò tún Gẹ̀ẹ́sì kankan ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n pa àdírẹ́sì tó wà níwájú To rẹ́, kí wọ́n fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n bèèrè ìdí. Mo ní kí ìka wọn má baà ṣèèṣì kan bọ́tìnì. Ní tòótọ́, kì í ṣe èèṣì ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹni bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí Gmail, bọ́tìnì Undo wà tó lè fi pè é padà, àmọ́ èyí tó pẹ́ jù tí wọ́n gbà wá láyè láti yàn ni ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìbínú tó ti ń jó láti ọ̀sán ò lè rọlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí kò bá sí àdírẹ́sì níbẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ò ní gbà kí lẹ́tà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ lẹ́tà náà sórí bébà, mo mú báírò búlúù kan, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Wọ́n ti yọ búrẹ́dì àárọ̀ kúrò nínú ààrò, ilẹ̀ gbóná, fúláwà wà lára ìpéǹpéjú wọn. Míkísà náà wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi àpò fúláwà òfìfo bò ó bí ẹni pé òkú ni. Mo ní kí a jọ ka lẹ́tà náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dá mi lóhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: bí àwọn ará Èkó bá ní irọ́ ni gbólóhùn yìí, kí la máa gbé síwájú wọn? Èyí tí a bá rí nǹkan gbé síwájú fún, màá fa ìlà sí nídìí.

Gbólóhùn 23 ló wà nínú lẹ́tà náà. Mẹ́rin péré ni mo fa ìlà sí nídìí. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ò pé: 340V ni wọ́n kọ. Kò sí mọ́tò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí lẹ́tà náà bá ti lọ lóru, ìlà kan ṣoṣo ni ẹnì kan ní Èkó ì bá fi dá a lóhùn, pé àwọn ò ta ẹ̀rọ 340V rí, kí màmá lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Risíìtì ńkọ́? Wọn ò dárúkọ ẹ̀ rárá. Bébà kan ṣoṣo tó gbé gbogbo ẹjọ́ wa dúró wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìwé gbèsè àwọn oníbàárà, kò sì dé inú lẹ́tà. Ohun mìíràn tí kò sí níbẹ̀: mo ka ojú ewé kan àti àbọ̀ tán, mi ò rí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ṣé owó ni? Ṣé ẹ̀rọ míì ni? Ṣé kí wọ́n kàn tọrọ àforíjì? Mo bi wọ́n. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Mọ́tò tó bá iná mi mu ni mo fẹ́, kí ni mo tún fẹ́?"

Torí náà, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé kí a yọ ìbínú kúrò kí lẹ́tà lè tutù, ojú tí mo fi ń wò ó yàtọ̀. Ní tèmi, ìbínú ti gbé ẹjọ́ náà mì. Ẹ ní láti kọ́kọ́ fa ẹjọ́ jáde kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa fọ̀.

A wá dé orí àwọn tí mi ò fa ìlà sí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti mọ̀": inú ẹlòmíì la ń kà yẹn, a ò sì lè fi ẹ̀rí hàn. "Ẹ kì í gbé fóònù rárá": wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wà nínú fóònù tiwọn náà. Bí a bá kọ pé mo pe nígbà 14, ẹ gbé e nígbà mẹ́ta, ó dun ẹni tó ń kà á ju "rárá" lọ, kò sì ní ibi tó máa sá gbà. "Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi o": ọ̀rọ̀ àbùkù tí a fi ẹ̀rín bò. Lórí fóònù, ohùn á tú u fó. Nínú ìwé, ohùn ò sí. Ní ọdún 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú nǹkan yìí gan-an: àwọn tó kọ ímeèlì rò pé ẹni tó máa kà á á mọ ìgbà tí àwọn ń ṣe yẹ̀yẹ́ àti ìgbà tí àwọn ń sọ òótọ́, àmọ́ àwọn tó kà á ò mọ̀ ọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹni tó bá wá mọ̀ ọ́n, inú á bí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á ní ẹ ṣeun.

Òwe ló fa àríyànjiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní mi ò gbọ́dọ̀ yọ òwe, pé òwe kì í ṣe èébú, àwọn àgbà ló pa á. Mo ní kí wọ́n tún un kà. Ta ni olè nínú òwe yẹn? Ta ni olóhun? Òwe tí a bá pa sí ẹni tí a ń bá jà, èébú tó wọ agbádá ni. Kódà, ó le ju èébú lásán lọ, torí ẹni tí a pa á sí ò lè bèèrè pé ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní kí n yọ ọ́, pé àwọn á pa á fún wọn ní ojúkojú lọ́jọ́ kan.

Ti ọlọ́pàá àti rédíò, ìbéèrè tí mo bi wọ́n ni bóyá wọ́n máa ṣe é lóòótọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọn ò ní ẹni kankan ní rédíò. Ìhàlẹ̀ tí ẹni kò lè mú ṣẹ, ẹni tó bá ti ń tajà pẹ́ ní Èkó ti gbọ́ irú rẹ̀ ju iye irun orí rẹ̀ lọ. A fi ọ̀kan tó ṣeé ṣe rọ́pò: àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Ìlà kan péré, láìsí àmì ìyanu.

Mo gba lẹ́tà lọ sílé, mo kọ ọ́ ní àkọtun. Ibí yìí ni èmi náà ti ṣìṣe, mi ò sì ní fi pamọ́. Ìwà ọ́fíìsì ti wọ̀ mí lára jù. Mo kọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ mú un wá sí etígbọ̀ọ́ yín pé ó dà bí ẹni pé àṣìṣe kékeré kan lè ti wáyé nípa ẹ̀rọ tí ẹ fi inú rere fi ránṣẹ́. A máa dúpẹ́ bí ẹ bá lè bá wa wò ó." Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé èmi ni mo jẹ wọ́n lówó ni?"

Wọ́n jàre. "Ó dà bí ẹni pé" ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwo irin wà lára mọ́tò. "Kékeré" kọ́, ₦1,850,000 ni. "Inú rere" kọ́, rírà ni wọ́n rà á. Mo ti fọ èébú kúrò, mo sì fọ ẹjọ́ mọ́ ọn. Bí irú lẹ́tà yẹn bá lọ, wọ́n á fi í sí ìsàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà tó kù, torí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ò dá a lójú pé nǹkan kan ṣe òun. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé kí a fún ẹni tí nǹkan ṣe kà: bí ó bá ń rò pé òun ló ń bẹ̀bẹ̀, omi ti pọ̀ jù.

Ohun tó gba àkókò wa jù ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin orí fóònù. Èmi fẹ́ yọ ọ́ pátápátá, mo ní òun ló dáná ìjà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní òun gan-an ló dun àwọn jù, ó dùn wọ́n ju mọ́tò lọ. Nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé apá kan ẹjọ́ ni lóòótọ́: òṣìṣẹ́ ilé ìtajà kan sọ fún oníbàárà pé kó fi owó ara rẹ̀ tún àṣìṣe wọn ṣe. Ìdáhùn tí ilé ìtajà fún wa nìyẹn, a sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọ̀gá pé ṣé ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Torí náà a fi í sílẹ̀, àmọ́ a yọ "ọmọ kékeré", a yọ "ìsọkúsọ", a yọ "tí mo lè bí lọ́mọ". A kọ ọjọ́, a sì kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó láti tì í lójú. Bí a bá fi "ìsọkúsọ" kún un, ẹni tó ń kà á á bẹ̀rẹ̀ sí gbèjà ọmọ náà, torí a ti bú u.

"Mílíọ̀nù" náà, a jókòó ṣírò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí míkísà ti kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì kan ní àdúgbò ni wọ́n ti ń po fúláwà, ₦4,000 lórí àpò kan, àpò mẹ́ta lójúmọ́. Ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 18, bí a bá yọ Sọ́ńdè kan, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni. Ó jẹ́ ₦120,000. Ó kéré sí mílíọ̀nù, àmọ́ ìwé wà fún un, oníbúrẹ́dì yẹn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo dábàá pé kí a fi í sí ipò kejì, kí ó má gùn orí mọ́tò, torí bí a bá pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi iyàn orí ₦120,000 dá mọ́tò dúró.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ nìyí, lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin, aago 9:10 àárọ̀:

"Àkòrí: Míkísà 220V ni mo rà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 380V ni ẹ fi ránṣẹ́

Ẹ káàárọ̀ o.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, mo san ₦1,850,000 fún yín fún míkísà kílò 25. Risíìtì yín sọ pé 220V, fésì kan ni. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, 380V ni, fésì mẹ́ta. Fọ́tò risíìtì àti ti àwo irin ara mọ́tò wà nínú lẹ́tà yìí. Fésì kan ni iná ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sì tíì lè lo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan.

Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 18, mo pè yín nígbà 14. Ẹ gbé e nígbà mẹ́ta. Ní ọjọ́ 18, òṣìṣẹ́ yín kan sọ fún mi pé, 'Màmá, ẹ lọ ra mọ́tò míì. Mọ́tò pọ̀ lọ́jà.' Mi ò gba ìdáhùn yìí, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìdáhùn ilé ìtajà yín ni.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ fi mọ́tò 220V, fésì kan, ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì san owó ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀. Mo tún ń bèèrè ₦120,000 tí mo fi po fúláwà níbòmíràn fún ọjọ́ iṣẹ́ 10. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kí ó tó di ọjọ́ 30 oṣù yìí. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ náà, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ sí FCCPC pẹ̀lú àwọn ìwé kan náà."

Orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù ló tẹ̀ lé e. "Ẹ jọ̀ọ́" kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ka "mi ò gba ìdáhùn yìí" lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ibẹ̀ yẹn ni àwọn ti gbọ́ ohùn ara àwọn. Ojú ibi tí wọ́n kọ Cc sí, a fi í sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n ti fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn tó jẹ́ lọ́yà síbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá rí lọ́yà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ á gbé e fún lọ́yà tiẹ̀ kó tó wo fọ́tò.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Obìnrin kan ló kọ ọ́, ó ní òun ni òun ń bójú tó ọ́fíìsì. Ó ní òun ti wo fọ́tò méjèèjì, inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ míì fún awakọ̀, pé wọ́n á fi mọ́tò 220V ránṣẹ́, wọ́n á san ₦15,000 fún oníṣẹ́ iná, kí a sì dá mọ́tò àkọ́kọ́ padà pẹ̀lú awakọ̀ kan náà. Ó bèèrè nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè lọ́jọ́ 18. Ó ní àwọn ò lè san ₦120,000. Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí apá yẹn, wọ́n sì tún fẹ́ kọ lẹ́tà. A jọ kọ ìlà méjì: pé a gba ti mọ́tò, pé a ò gbà pé ọ̀rọ̀ ₦120,000 ti parí. Títí di ìsinsìnyí, wọn ò tíì san án. FCCPC wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò ráyè, búrẹ́dì wà nínú ààrò.

Lọ́jọ́ 29, awakọ̀ pè láti gáráàjì pé ẹrù ti dé. A jọ lọ ni. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó buwọ́ lu ìwé wébìlì, wọ́n ní kí awakọ̀ tú páálí náà níbẹ̀, lójú gbogbo èrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi eteetí ìró wọn nu àwo irin, wọ́n sì kà á sókè fún mi: 220V.